Ẹ má tíì fláàṣì fóònù ọmọ náà: ọ̀rọ̀ lórí dáyámọ́ǹdì ọ̀fẹ́ àti àkáǹtì géèmù tí wọ́n gbà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ló rí líǹkì kan nínú WhatsApp àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé géèmù Free Fire ń pín dáyámọ́ǹdì, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná nínú géèmù náà, 10,000 lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ nọ́ḿbà géèmù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi Facebook rẹ̀ wọlé. Láti àná, kò rí géèmù náà wọ̀ mọ́, Facebook náà ní páásíwọ̀dù rẹ̀ kò tọ̀nà. Ọmọ náà ò jẹun. Wọ́n ní kí n gbé fóònù rẹ̀ lọ sí Kuíìn Sínímà kí wọ́n bá wa fláàṣì í. Ṣé ìyẹn á gba nǹkan náà padà? Ṣé wọn ò sì ní fi nọ́ḿbà géèmù yẹn wọ báǹkì mi?" Ìyá kan ní Mọ́kọ́lá ló bi wá.

Ẹ kú wàhálà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kuíìn Sínímà yẹn gan-an ni mo ti ń tún fóònù ṣe, nítorí náà owó ara wa ni mò ń lé sẹ́yìn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n fóònù ọmọ yín ò ṣàìsàn kankan. Ohun tí olè gbé lọ kò sí nínú fóònù. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé Facebook máa ń rántí fóònù tí èèyàn ti ń fi wọlé tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ fẹjọ́ sùn pé wọ́n ti gba àkáǹtì yín, orí fóònù tó ti mọ̀ yẹn ló fẹ́ kí ẹ ti fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá fláàṣì í ti pa ẹ̀rí yín rẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n ń gbá Free Fire láìso ó mọ́ Facebook tàbí Google rárá, "Guest" ni wọ́n ń bá wọlé. Inú fóònù yẹn nìkan ni ọ̀nà tiwọn wà. Tí ẹ bá fláàṣì í, ó tán.

Ní ti báǹkì, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí nọ́ḿbà géèmù. Gbogbo ẹni tí ọmọ yín bá ti bá gbá géèmù rí ló lè rí nọ́ḿbà yẹn, òun náà sì ni àwọn tó ń ta dáyámọ́ǹdì lọ́nà tó tọ́ máa ń béèrè kí wọ́n tó rà á sí i fún un. Wọn kì í béèrè páásíwọ̀dù. Nọ́ḿbà yẹn nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ohun tí ẹ ní láti bi ọmọ náà, kí ẹ sì bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kó má baà parọ́ fún yín, ni bóyá ojú ewé náà tún ní kó kọ nọ́ḿbà káàdì ATM sílẹ̀, tàbí kó gbé ápù kan sórí fóònù. Bó bá kọ nọ́ḿbà káàdì, ẹ pe báǹkì yín báyìí kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí ẹ tó tilẹ̀ ronú kan Facebook. Bó bá gbé ápù kan tí kò wá láti Play Store, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì wo inú Settings bóyá ó gba àyè láti máa ka àtẹ̀jíṣẹ́, torí irú wọn wà tó jẹ́ pé kóòdù tí báǹkì àti Facebook ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ báǹkì ti kúrò ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí ẹni tó lè "ṣe" dáyámọ́ǹdì fún èèyàn, torí pé bí ọmọ yín bá mọ èyí dájú, líǹkì mìíràn ò ní tan án. Iye tó ń rí lókè ojú fóònù rẹ̀ kì í ṣe dáyámọ́ǹdì náà gan-an. Ẹ̀dà lásán ni. Ìwé tòótọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá Garena, ilé iṣẹ́ tó ni Free Fire, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Singapore. Ẹ wo bí alájọ ṣe ń ṣe: káàdì kan wà lọ́wọ́ yín, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè mú bíírò kí ẹ kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kún káàdì tiyín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìparí oṣù, ìwé tirẹ̀ ló máa ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ápù tí wọ́n ń pè ní "mod" tó ń fi dáyámọ́ǹdì rẹpẹtẹ han ọmọ lójú fóònù: nọ́ḿbà náà á yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ fi ra nǹkan, géèmù á bi kọ̀ǹpútà Garena, ìyẹn á sì ní kò sí owó. Garena sì máa ń fi òfin de àkáǹtì tó bá ń lo irú ápù bẹ́ẹ̀ títí láé.

Bí kò ṣe sí ẹni tó lè kọ nǹkan sínú ìwé yẹn láti ìta, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ojú ewé náà ń wá. Irú rẹ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi láìpẹ́ lórí fóònù oníbàárà, mo sì ṣí i lórí ògbólógbòó fóònù kan tí kò ní síìmù, tí kò sì ní àkáǹtì kankan lórí. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ḿbà géèmù mi. Mo tẹ òdo mẹ́jọ. Wọ́n ní àwọn ti rí àkáǹtì mi! Wọ́n ní kí n mú iye tí mo fẹ́, mo mú èyí tó pọ̀ jù. Ni ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún díẹ̀díẹ̀, tó ń kọ ọ́ pé òun ń bá sáfà Garena sọ̀rọ̀, pé ó ti di ìdajì, pé ó ti fẹ́ẹ̀ parí. Mo ti pa Wi-Fi fóònù náà kí ìlà yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó kún dé òpin. Nísàlẹ̀, orúkọ àwọn èèyàn ń kọjá lọ ní kọ̀ọ̀kan pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiwọn, aago kan sì ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Mo tan Wi-Fi padà, mo tún ojú ewé náà ṣí, orúkọ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eré lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn eré yẹn ni wọ́n wá sọ pé kí n "fi hàn pé èèyàn ni mí", pé kí n fi Facebook wọlé, kí n sì pín líǹkì náà fún ẹgbẹ́ WhatsApp márùn-ún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wọn ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ íméèlì tí kò sí níbì kankan láyé yìí, wọ́n ní páásíwọ̀dù mi kò tọ̀nà, kí n tún un tẹ̀. Mo tẹ òmíràn, wọ́n gbà á. Ọgbọ́n wà nínú kíkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn: ẹni tó bá rò pé òun ti ṣì í tẹ̀ á fara balẹ̀ tẹ páásíwọ̀dù tòótọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn mìíràn á tilẹ̀ tẹ páásíwọ̀dù wọn mìíràn, wọ́n á sì ní méjì lọ́wọ́.

Ẹ lè máa rò pé kí ni wọ́n fẹ́ fi Facebook ọmọ ọdún 14 ṣe. Nǹkan méjì ni. Tí àkáǹtì géèmù náà bá ní aṣọ àti ìbọn tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Èkejì ló kan ẹ̀yin: wọ́n á máa fi Facebook náà kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e síta pé òun fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ṣòwò, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ fi ìkéde sórí status WhatsApp tiyín pé Facebook ọmọ yín ti bọ́ sọ́wọ́ olè, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn.

Ó kan gbígbà á padà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Íméèlì ni ẹ ó kọ́kọ́ bójú tó, kì í ṣe Facebook, torí pé inú íméèlì ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìyókù ń gbà wá. Àwọn ọmọ wa sì fẹ́ràn láti máa lo páásíwọ̀dù kan náà síbi gbogbo. Ẹ lo fóònù rẹ̀ yẹn, ẹ lọ sí myaccount.google.com, ẹ wọ Security, kí ẹ wo Your devices. Fóònù tí ẹ ò bá mọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ yí páásíwọ̀dù náà sí òmíràn tí kò jọ ti àtijọ́ rárá. Ẹ tún wo bóyá nọ́ḿbà fóònù àti íméèlì ìrànwọ́ tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá inú íméèlì náà fún ìwé tí Facebook kọ. Nígbà tí olè bá yí íméèlì tàbí páásíwọ̀dù padà, Facebook máa ń fi tó íméèlì àtijọ́ létí, líǹkì kan sì máa ń wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ nípa ìyípadà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù lọ wà. Líǹkì yẹn kì í wà láàyè títí, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ṣe é lónìí. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́: @facebookmail.com ló gbọ́dọ̀ parí àdírẹ́sì náà. Bí ẹ ò bá rí ìwé kankan, tàbí tí líǹkì náà ti kú, ẹ ṣí facebook.com/hacked lórí fóònù ọmọ náà, kí ẹ máa tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá bi yín. Wọ́n lè ní kó ya fídíò ojú rẹ̀ tàbí kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ kan ránṣẹ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀: orúkọ tó wà lórí Facebook wọn jẹ́ orúkọ ìnagijẹ, ọjọ́ ìbí tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́ ti àgbàlagbà. Káàdì ilé ìwé kan ò lè bá ìyẹn mu. Bí ti ọmọ yín bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn yín, ọ̀nà náà á há.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má sáré padà sínú géèmù. Páásíwọ̀dù tuntun nìkan kò tó. Ẹ lọ sí Accounts Centre, lẹ́yìn náà Password and security, kí ẹ ṣí Where you're logged in, kí ẹ sì lé gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ jáde àyàfi èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ibi tí íméèlì àti nọ́ḿbà fóònù wà, kí ẹ yọ èyí tó bá jẹ́ ti àjèjì, torí olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi nọ́ḿbà tirẹ̀ kún un láìyọ tiyín, kó lè padà wá lọ́la. Ẹ wo ibi Two-factor authentication náà, ìyẹn kóòdù kejì tí Facebook ń béèrè lẹ́yìn páásíwọ̀dù, bí olè náà bá ti so ó mọ́ ápù tirẹ̀, ẹ tú u. Ìgbà yìí ni kí ọmọ náà wá ṣí Free Fire, kó sì fi Facebook wọlé. Olè náà lè ṣì wà nínú géèmù lórí fóònù tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí Facebook yẹn fi wọlé padà mọ́.

Bí Facebook náà bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí ibi ìrànlọ́wọ́ Garena fúnra wọn, láti inú ojú ewé wọn. Nọ́ḿbà géèmù tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn ló máa wúlò báyìí. Ẹ kọ ọ́, ẹ kọ orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́ nínú géèmù, irú fóònù tó ń lò, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Bó bá ti fi owó ra dáyámọ́ǹdì rí, kódà kó jẹ́ ti ₦500, rìsíìtì rẹ̀ ni ẹ̀rí tó wúwo jù lọ, torí olè kò ní í. Èyí tí a rà láti Play Store máa ń wá sínú Gmail, nọ́ḿbà rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA. Ẹ kàn wá àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn nínú Gmail rẹ̀. Ọwọ́ Garena ni ìpinnu wà, wọ́n lè ní ẹ̀rí yín kò tó. Dáyámọ́ǹdì tí olè bá ti ná nínú àkáǹtì náà, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n dá a padà fún. Bí olè náà bá sì ti fi àkáǹtì náà ṣe màgòmágó tí Garena fi tì í pa, ìyẹn tún le ju gbígbà á padà lọ.

Ní àsìkò tí ẹ bá ń dúró yìí, gbájú-ẹ̀ kejì á dé. Ní kété tí ọmọ bá ti kígbe síta pé wọ́n gba àkáǹtì òun, àwọn kan á jáde wá pé àwọn mọ "ọ̀gá" kan lórí Telegram tó gba tàwọn padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á gba ₦5,000 àkọ́kọ́, wọ́n á ní ó ku owó sọ́fítíwíà, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè kóòdù tó bá wọ fóònù yín. Kò sí ọ̀gá kankan tó ní ọ̀nà ẹ̀yìn sínú Facebook tàbí Garena. Èmi náà tí mo ń jókòó ní Kuíìn Sínímà, ohun tí mo lè ṣe fún oníbàárà kò ju ohun tí mo kọ sókè yìí lọ, ẹni tó bá sì ní òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wa, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe é lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi tí ó le díẹ̀, nítorí dáyámọ́ǹdì àti aṣọ ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́. Garena máa ń gbé kóòdù ẹ̀bùn jáde, lẹ́tà ńlá àti nọ́ḿbà tó jẹ́ 12 tàbí 16, èèyàn á sì lọ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé wọn. Ojú ewé tòótọ́ yẹn náà sì ń ní kí èèyàn fi Facebook tàbí Google wọlé! Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé "ibi tó bá ti ní kí o wọlé, olè ni", kò ní pẹ́ tí á fi rí i pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò sì ní gbọ́ tiyín mọ́. Àdírẹ́sì ni kó máa kà. Ẹ fi méjì yìí hàn án:

```
https://reward.ff.garena.com/
https://reward.ff.garena.com.diamond-gift.example/
```

Èyí òkè ni ti Garena. Ìsàlẹ̀ kì í ṣe tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Garena wà nínú rẹ̀ (mo yí ìparí rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́). Kó fi ìka wá ìlà / àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn https://, kó wá máa kà padà sẹ́yìn: ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn gan-an ló ni ilé. Nínú ti òkè, garena.com ló wà níbẹ̀. Nínú ti ìsàlẹ̀, diamond-gift.example ni, gbogbo ohun tó kù níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò jẹ́rìí ohunkóhun, àwọn olè náà ní i. Ohun mìíràn tó dára láti mọ̀ ni pé, bí páásíwọ̀dù Facebook bá wà ní ìpamọ́ nínú Chrome, Chrome á fẹ́ bá yín tẹ̀ ẹ́ lójú ewé Facebook tòótọ́. Lójú ewé ayédèrú, ó máa ń dákẹ́, torí àdírẹ́sì ló ń wò, kì í wo àwòrán. Tí ọmọ yín bá rí i pé Chrome dákẹ́ níbi tó ti máa ń sọ̀rọ̀, kó jáde.

Tí ẹ bá ti gba Facebook náà, ẹ tan Two-factor authentication. Ọ̀nà méjì ló wà tí mo lè dúró lé. Kóòdù tó ń wá nípa àtẹ̀jíṣẹ́ rọrùn, mo sì fẹ́ràn kó máa wọ fóònù tiyín dípò ti ọmọ náà: ẹni tó bá fẹ́ gba kóòdù yẹn ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ yín. Àlébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá pa síìmù náà tì fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ín lè tún nọ́ḿbà náà tà fún ẹlòmíràn, kóòdù yín á sì máa lọ bá a. Ápù bíi Google Authenticator kò nílò síìmù, kóòdù onínọ́ḿbà mẹ́fà rẹ̀ ń yí ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá já fóònù yẹn gbà lọ́wọ́ yín ní Ìwó Róòdù, ẹ ti wọ wàhálà. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ní kí Facebook àti Google fún yín ní kóòdù ìpamọ́, ti Google jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà mẹ́jọ. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má ya àwòrán wọn sórí fóònù. Kí ẹ sì mọ̀ pé méjèèjì ò lè dáàbò bo ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kóòdù náà sójú ewé olè, torí olè á sáré lò ó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Ó ku ọmọ tó fi líǹkì náà sínú ẹgbẹ́ kíláàsì wọn. Kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù ú. Ojú ewé náà ló ní kó pín in kí tirẹ̀ tó wọlé, ó ṣeé ṣe kí òun náà má tíì mọ̀ pé ẹlòmíràn ti wà nínú Facebook òun. Ẹ bá mi pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí, kí ẹ sì ní kí alábòójútó ẹgbẹ́ náà pa líǹkì yẹn rẹ́ kí àwọn ọmọ tó jí lọ́la.